Dídá àwòrán Google Street View mọ̀

Google Street View jẹ́ àkójọ àwòrán ojú pópó tí ọkọ̀ tó gbé kámẹ́rà lórí ń yà. Bí ojú ènìyàn àti nọ́ńbà ọkọ̀ bá ṣe bàìbàì nínú àwòrán, tí aṣọ àti ara ọkọ̀ sì hàn kedere, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ ni ó ti wá. Ẹ̀rọ ni ó ń bo ojú náà, ó sì máa ń ṣì í: ó ti bo ojú màlúù kan rí ní ìlú Kémbíríìjì.

Àmì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi “© 2023 Google” a máa fara hàn lójú ọ̀run tàbí lórí títì. Ọdún inú rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ọdún tí a ya àwòrán. “Image capture” tó wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni ó ń sọ ìyẹn.

Ọkọ̀ náà a máa tú àṣírí orílẹ̀-èdè pàápàá. Ọ̀nà erùpẹ̀ pupa Kẹ́ńyà àti ti Gánà lè jọra púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àwòrán Kẹ́ńyà, páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú ọkọ̀. Ti Gánà ní téèpù dúdú tí a wé mọ́ igun irin orí ọkọ̀. Bí a bá gé ìsàlẹ̀ àwòrán kúrò, ẹ̀rí yìí bá a lọ.