Full HD àti Ultra HD: Ohun tí ojú lè rí láti orí àga

Full HD àti Ultra HD ni orúkọ tí a fi ń mọ iye ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán lójú tẹlifíṣọ̀n. Píkísẹ́lì ni à ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Full HD to 1,920 ní ìbú, ó sì to 1,080 ní òòró. Ultra HD, tí wọ́n máa ń kọ 4K sára páálí rẹ̀, to 3,840 ní ìbú àti 2,160 ní òòró. Ìlọ́po mẹ́rin píkísẹ́lì Full HD ni gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Bóyá ojú á rí ìyàtọ̀ náà dá lórí bí píkísẹ́lì ṣe tóbi tó àti bí òǹwòran ṣe jìnnà tó. Bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 60, ìpín kan ṣoṣo ni igun tó kéré jù tí ojú tó dá ṣáṣá sábà máa ń lè yà sọ́tọ̀. Ohun tó bá kéré ju ìyẹn lọ á pò mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ká mú tẹlifíṣọ̀n 55 ínṣì. Láti igun dé igun ni wọ́n ti wọn 55 yẹn. Ìbú ojú rẹ̀ gan-an tó sẹ̀ǹtímítà 122. Bí a bá fi 1,920 pín in, píkísẹ́lì Full HD kan kò ju mìlímítà 0.63 lọ. Ojú kò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́ bí òǹwòran bá ti kọjá mítà 2.2. Ti Ultra HD jẹ́ ìdajì ìyẹn, mítà 1.1 sì ni tirẹ̀ ti pò. Nítorí náà, ẹni tó jókòó ní mítà 3, bí ọ̀pọ̀ pálọ̀ ṣe rí, kò ní rí ohun tí Full HD fi pamọ́ fún un. Lórí 65 ínṣì, ààlà Full HD sún sí mítà 2.6, lórí 43 ínṣì, mítà 1.7 ni. Ààlà yìí kì í ṣe ògiri ṣá o: ojú àwọn ọ̀dọ́ mìíràn mú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà máa ń dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kàn án, abájọ tí Ultra HD fi máa ń tàn án. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ tún ní HDR, tó ń mú ibi tó mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, tó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ jinlẹ̀. Èyí hàn láti ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n kò kan iye píkísẹ́lì.

Fífi 1080p wé 2160p lórí YouTube lè ṣini lọ́nà. Dátà tí 2160p ń gbé wá pọ̀ jù, àwòrán rẹ̀ kì í sì í rú tó ti 1080p, kódà lójú tẹlifíṣọ̀n Full HD. Àdánwò tó dáa jù ni àwòrán tí kò mira, tó jẹ́ 3,840 sí 2,160, tí a fi fláàṣì gbé sórí tẹlifíṣọ̀n Ultra HD. Kí ilà dúdú àti funfun tó fẹ̀ ní píkísẹ́lì méjì-méjì wà nínú rẹ̀, nítorí méjì yẹn ṣe déédéé píkísẹ́lì Full HD kan. Bí ilà náà bá ń ṣe bí omi tó ń rú, tẹlifíṣọ̀n náà ti na àwòrán tàbí gé e létí, a ó sì tún ìwọ̀n àwòrán ṣe ní ibi ètò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí òǹwòran máa fẹ̀yìn rìn títí àwọn ilà á fi di àwọ̀ eérú. Bí àga rẹ̀ bá wà lẹ́yìn ibẹ̀, Full HD ti tó ojú rẹ̀.