Oògùn ìgbà tí ara bá yá: bí ìtọ́jú egbò ìfun ńlá ṣe dé ibi tó dé

Ó rọrùn láti pe àìsàn egbò ìfun ńlá ní jẹ̀díjẹ̀dí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń bá awọ inú ìfun jà, tí aláìsàn fi ń sáré yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó lè rọlẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún kó tó tún ru.

Oògùn tó kọ́kọ́ ká a lọ́wọ́ kò, làkúrègbé ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Nanna Svartz, dókítà obìnrin ní Sítọ́kíọ́ọ̀mù, ló mú kí wọ́n so sọfapirídíìnì tó ń pa kòkòrò mọ́ ohun kan tó bá ásípírìnì tan, tí wọ́n ń pè ní mẹ́sálásíìnì lónìí. Sọfasalasíìnì ni orúkọ àsopọ̀ náà. Svartz rí i pé ó ń wo àwọn tí ìfun wọn ń ṣẹ̀jẹ̀ sàn, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1942. Ní 1955, Truelove àti Witts fi hàn pé kọtisóònù máa ń mú kó rọlẹ̀ bó bá ru, àmọ́ kò lè dènà èyí tó ń bọ̀. Sọfasalasíìnì lè ṣe ìyẹn, bí aláìsàn kò bá pa á tì nígbà tí ara bá yá.

Ẹ̀fọ́rí àti èébì ló ń lé ọ̀pọ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Nínú ìdajì méjèèjì, èwo ló ń ṣiṣẹ́, èwo ló ń dani láàmú? Ní 1977, Azad Khan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọ́sífọ́ọ̀dù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ojú ìdí àwọn aláìsàn, kó lè kan egbò náà tààrà. Mẹ́sálásíìnì ṣe bẹbẹ bíi odindi oògùn. Sọfapirídíìnì kò tó o rárá. Ẹrù lásán ni ìdajì yẹn jẹ́, òun náà ló sì ń fa púpọ̀ nínú ìnira tí oògùn náà ń mú wá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe mẹ́sálásíìnì lóun nìkan, tí wọ́n ń bò ó kó má baà tú ká kó tó dé ìfun ńlá.

Ìbéèrè tó kù ni bí a ṣe lè mọ̀ pé ìfun ti jinná lóòótọ́, nítorí ara lè yá kí egbò ṣì wà. Ní Nọ́wè ni wọ́n ti rí kalipirotẹ́ẹ̀nì, ohun tó kún inú sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀. Ní 1992, wọ́n ṣàlàyé bí a ṣe lè wọ̀n ọ́n nínú ìgbẹ́. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá ya wọ ìfun, iye rẹ̀ á lọ sókè.

Ká ní ẹnì kan ń lo mẹ́sálásíìnì, ara rẹ̀ dá, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 60 maikirogíráàmù nínú gíráàmù ìgbẹ́ kan. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó di 420. Ọ̀pọ̀ dókítà ń fura sí ohun tó bá ti ju 250 lọ, ṣùgbọ́n èmi kò ní fi èsì kan ṣoṣo yí oògùn padà. Ẹ bi í bóyá ó ń fo oògùn, tàbí ó ń gbé ibuprófìnì mì fún ara ríro. Ẹ yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò fún kòkòrò, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Bó bá ṣì ga, a lè fi kún oògùn rẹ̀, tàbí ká fi kámẹ́rà wo inú ìfun. Níbi tí ìfun bá jinná, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké máa ń hàn kedere; níbi tó bá ń ru, wọn á pòórá, awọ á pọ́n, ìfọwọ́kàn díẹ̀ á sì mú un ṣẹ̀jẹ̀. Láti ojú ìdí ni pípọ́n náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa gòkè láìfo ibì kankan.

Kalipirotẹ́ẹ̀nì kò lè sọ ibi tí egbò wà, kò sì lè wá jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi kámẹ́rà wo ìfun ẹni tí àìsàn yìí ti kọjá ojú ìdí lára rẹ̀ bó bá ti pé nǹkan bí ọdún mẹ́jọ tó ti bẹ̀rẹ̀, bí èsì ìgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ dára.