Ojú Ewé Kẹta

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ilé ìwé wa. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí a kò tíì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí dòní mú ẹ̀dà ìwé owó kan wá fún wa. Ojú ewé mẹ́rin ni. Àwọn òbí ti dá owó kànga ẹ̀rọ fún ọdún méjì gbáko, kò sì sí kànga. Ìwé yìí fi hàn pé owó náà wọlé lóòótọ́, àti pé wọ́n ti ná an sí ibòmíràn. Inú wa dùn bí ẹni tó rí owó he. Kí ilé ìwé tó parí lọ́jọ́ náà, a ti lẹ ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pátákó ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ owó kànga di ariwo, bí a ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ewé kẹta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pé lé lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àwọn òbí tó bẹ̀bẹ̀ pé àwọn kò lè san owó náà sí, pẹ̀lú ìdí tí kálukú wọn sọ. Ọkọ ẹnì kan wà lẹ́wọ̀n. Àìsàn tí ẹlòmíràn fi pa mọ́ fún ẹbí rẹ̀ wà níbẹ̀ ní kíkọ. Kò sí ẹni tó fẹ̀sùn kan àwọn wọ̀nyí. Ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì wa kò padà wá lẹ́yìn ìsinmi.

Tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìtàn kò bá wa jà. Ó kàn ní kí n lọ kà nípa ìwé àṣírí Amẹ́ríkà tó jò síta láàárín ọdún 2010 sí 2011, kí n sì wá sọ ohun tí mo rí fún òun. Ohun tí mo rí nìyí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní Ìráàkì, Chelsea Manning, tí wọ́n ń pè ní Bradley nígbà náà, kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ìwé àṣírí fún WikiLeaks, àjọ tí Julian Assange dá sílẹ̀ láti máa gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síta. Àkójọ ńlá àkọ́kọ́ tó jáde nínú ìwé wọ̀nyí ni ti ogun Afganístánì. Ìwé ìròyìn mẹ́ta ni Assange kọ́kọ́ fi hàn: The Guardian ní Lọ́ńdọ̀nù, New York Times ní Amẹ́ríkà, àti Der Spiegel ní Jámánì. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kà á, gbogbo wọn sì gbé e jáde lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 25, oṣù Keje, ọdún 2010.

Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn ọmọ ogun ni ìwé wọ̀nyí: ibi tí bọ́ǹbù ti dún, ẹni tí ìbọn bà, ẹni tó wá sọ ọ̀rọ̀ fún wọn. Ikú àwọn ará ìlú tí ìjọba kò kéde wà nínú rẹ̀. Ní tèmi, ó yẹ kí aráyé mọ ìyẹn. Àwọn ìwé ìròyìn mẹ́ta náà sọ ọ́, wọn kò sì tẹ orúkọ ará abúlé kankan tó bá àwọn ọmọ ogun sọ̀rọ̀.

WikiLeaks ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Nínú ìwé tó lé ní 90,000, ó fi nǹkan bíi 15,000 pamọ́ fún àyẹ̀wò, ó sì gbé nǹkan bíi 75,000 sórí ayélujára bó ṣe wà. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù fi kọ ọ́ pé orúkọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ará Afganístánì wà nínú rẹ̀, ti àwọn kan pẹ̀lú orúkọ abúlé wọn àti ti bàbá wọn. Agbẹnusọ Tálíbánì sọ pé àwọn yóò ka ìwé náà, àwọn sì mọ bí àwọn yóò ṣe fìyà jẹ ẹni tí àwọn bá rí níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ, Amnesty International àti àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn mìíràn kọ̀wé sí Assange pé kó yọ orúkọ àwọn ènìyàn náà kúrò. Ó bi Amnesty bóyá wọn yóò yá òun ní òṣìṣẹ́ tí yóò bá òun ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, lẹ́yìn náà mo mú bírò láti ṣírò rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún ka ìwé kan, ìwé 75,000 yóò gbà á ní wákàtí 6,250. Bó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ láìsinmi, yóò lé ní ọdún méjì kó tó parí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́wàá bá jọ pín in, kò ní tó oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ ńlá ni lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣeé ṣe ni. Ohun tí wọn kò ní ni sùúrù, nítorí wọ́n ti dá ọjọ́.

Nígbà tí ìwé ogun Ìráàkì jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 392,000. Lọ́tẹ̀ yìí, WikiLeaks lo kọ̀ǹpútà láti nu gbogbo orúkọ kúrò kó tó gbé e jáde. Àwọn kan ráhùn pé kíkà rẹ̀ ṣòro. Síbẹ̀, inú ìwé tí kò lórúkọ yìí ni ẹgbẹ́ Iraq Body Count ti rí ikú nǹkan bíi 15,000 ará ìlú tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà tẹ́lẹ̀. Ìròyìn náà kò dín kù nítorí pé orúkọ kò sí níbẹ̀.

Ìkẹta ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá, ìwé 251,287 tí àwọn aṣojú Amẹ́ríkà kọ ránṣẹ́ sílé láti orílẹ̀-èdè káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Le Monde ti Faransé àti El País ti Sípéènì ti dara pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé e jáde. Akọ̀ròyìn yóò ka ìwé kan láti òkè délẹ̀, yóò fi ọ̀wọ́ X dípò orúkọ ẹni tí nǹkan lè ṣe, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí WikiLeaks kí àwọn náà lè tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn aṣojú náà fúnra wọn ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ pé kí wọ́n dáàbò bo ẹni yìí.

Orúkọ nìkan kò sì tó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìwé kan kọ ọ́ pé: “Ìyá tó ń ta àkàrà nídìí ìrókò, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ló sọ fún wa.” Kò sí orúkọ níbẹ̀, àmọ́ ta ni kò mọ̀ ọ́n ní ìlú náà? Ẹni tó ń pa orúkọ rẹ́ gbọ́dọ̀ máa fi ojú aládùúgbò kà á, kì í ṣe ojú àlejò tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà kò fi lè dá a ṣe.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo orúkọ ni wọ́n pa rẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, The Guardian tẹ ìwé kan tó wá láti Nàìjíríà, níbi tí ọ̀gá àgbà kan ní iléeṣẹ́ Shell ti sọ fún aṣojú Amẹ́ríkà pé àwọn ní ènìyàn àwọn nínú gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba tó kàn wọ́n. Wọ́n fi orúkọ ọ̀gá náà sílẹ̀ gbangba. Ẹnu iléeṣẹ́ ńlá ló fi ń sọ̀rọ̀, ìjọba wa ló sì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìwé kan náà tí yóò bo alákàrà lè tú ọ̀gá síta.

Ibi tí ìṣọ́ra yìí ti bàjẹ́ yani lẹ́nu. Gbogbo ìwé náà, láìnu ohunkóhun, wà nínú fáìlì kan tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àṣírí tì pa. Fáìlì ọ̀hún ti tàn káàkiri ayélujára láìjẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, àwọn akọ̀ròyìn Guardian méjì tẹ ìwé ìtàn nípa iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ odindi ọ̀rọ̀ àṣírí yìí sínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé kò ṣí nǹkan kan mọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ìwé ìròyìn kan ní Jámánì kọ ọ́ pé fáìlì àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà níta. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, WikiLeaks gbé gbogbo rẹ̀ jáde láìpa orúkọ kankan rẹ́, ó ní àṣírí ti tú tán. Ìwé ìròyìn márààrún fohùn ṣọ̀kan láti bá a wí. WikiLeaks dá ẹ̀bi padà fún Guardian. Ní tèmi, ẹ̀bi náà tó pín.

Láàárín oṣù kan náà, akọ̀ròyìn kan ní Etiópíà rí orúkọ ara rẹ̀. Ní ọdún 2009, ó ti sọ fún àwọn ará ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà pé ìjọba fẹ́ gbógun ti àwọn olóòtú ìwé ìròyìn Addis Neger, ìwé tó sì ròyìn rẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọlọ́pàá pè é, wọ́n ní kó sọ ẹni tó sọ ọ́ fún un nínú iṣẹ́ ìjọba. Ó sá kúrò nílùú. Ẹni tó dá a lẹ́bi kò sí, àfi pé ó bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: wọn kò wá òun nìkan, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ìwé náà kò dárúkọ, ni wọ́n fẹ́ mú.

Mi ò gbọdọ̀ fi ohun kan pamọ́. Nígbà ìdájọ́ Manning ní ọdún 2013, ọ̀gágun tó ṣe olórí ìwádìí lórí ìpalára ìwé wọ̀nyí jẹ́rìí pé òun kò mọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n pa nítorí pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kí gbogbo ìwé jáde láìnu ohunkóhun máa ń rán wa létí ìyẹn. Wọ́n tún ń béèrè ẹni tó fún àwọn olóòtú ní àṣẹ láti pinnu ohun tí a ó rí, pàápàá nígbà tí New York Times ti sọ ohun tó fẹ́ tẹ̀ fún ìjọba ṣáájú. Ìbéèrè gidi ni, nítorí bírò tó ń bo aláìní lè bo olówó. Ṣùgbọ́n ará abúlé yẹn kò mọ̀ ní oṣù Keje 2010 pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Òun ló ń gbọ́ kíkàn ilẹ̀kùn lóru.

Mo ròyìn gbogbo èyí fún tíṣà wa. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, bí wọ́n bá tún mú ìwé yẹn wá, kí ni mo máa ṣe sí ojú ewé kẹta? Mo ní máa fi bírò dúdú pa orúkọ wọn rẹ́. Ó gbé ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi, mo pa wọ́n rẹ́, ó sì ní kí n gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Mo ṣì ń kà á ketekete. Ìdí tí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ pàápàá ṣì wà níbẹ̀, gbogbo kíláàsì ló sì mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé.

Lẹ́yìn náà ni mo wá wo ojú ewé mẹ́ta tó kù. Iye tí wọ́n gbà wà ní ojú ewé kìn-ín-ní. Ohun tí wọ́n ná an sí wà ní ìkejì. Ìbuwọ́lùwé àwọn tó ná an wà ní ìkẹrin.