Ihò Kékeré àti Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ya fọ́tò ìwé ìṣirò owó àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹbí kan níhìn-ín ní Adó-Èkìtì. Ìlà kan níbẹ̀ sọ pé wọ́n san ṣílè mẹ́wàá. Ṣé "owó oko" ni àbí "owó ọkọ̀"? Bó bá jẹ́ oko, a jẹ́ pé wọ́n ń sanwó lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí, ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọkọ̀, owó lọ́rì lásán ni. Ẹni tó kọ ìwé náà kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé láti fi pẹ́ńsùlù tọ́ sábẹ́ lẹ́tà. Nínú fọ́tò mi, abẹ́ lẹ́tà yẹn rí bí èéfín. Nígbà tí mo padà lọ wo ìwé náà, ikán ti jẹ ẹ́.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti pa ihò lẹ́ńsì mọ́ títí dé f/22. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ayàwòrán àdúgbò wa, tó máa ń da aṣọ dúdú borí lẹ́yìn kámẹ́rà onígi rẹ̀, máa ń sọ pé bí èèyàn bá fẹ́ kí nǹkan hàn kedere, kó pa ihò náà mọ́ dáadáa. Mo gbà á gbọ́ láìbéèrè ìdí.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́ fún kámẹ́rà tirẹ̀. Ní 1932, Ansel Adams, Edward Weston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní San Francisco dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì fi ihò kékeré sọ ọ́ lórúkọ: Ẹgbẹ́ f/64. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìsinsìnyí, ní 1835, tí George Airy ti ṣe ìṣirò ohun tí ihò róbótó máa ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ihò kọjá, ó máa ń tàn ká díẹ̀. Nítorí náà, ojúàmì kan kì í jẹ́ ojúàmì mọ́ lórí fíìmù, ó máa ń di àwo kékeré. Bí ihò bá ṣe kéré tó ni àwo náà ṣe ń fẹ̀ tó. Fún ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, àwo f/64 fẹ̀ tó mìlímítà 0.09. Fíìmù Weston fẹ̀ ní íńṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ó sì máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà láìsọ ọ́ di ńlá. Ojú èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó kéré tó 0.1. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó rí àléébù náà.

Kámẹ́rà tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 36 péré, píksẹ́lì 6,000 sì tò sórí rẹ̀, ìyẹn 0.006 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo la ìwé náà sílẹ̀, ojú ewé méjèèjì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50, ó sì ní láti sún kì ní ìlọ́po mẹ́rìnlá kó tó wọlé. Àmì pẹ́ńsùlù tó fẹ̀ ní 0.3 di 0.021 lórí sẹ́ńsọ̀. Àwo f/22 sì jẹ́ 0.03! Àwo náà ju àmì tí mò ń wá lọ. Ní f/8 ì bá jẹ́ 0.011, àmì náà ì bá sì hàn.

Kí wá ló dé tí a kì í kúkú ṣí ihò náà gbayawu? Ìmọ́lẹ̀ tó gba etí lẹ́ńsì wọlé kì í pàdé èyí tó gba àárín níbi kan náà, igun fọ́tò sì máa ń rọ̀ jù. Bí a bá pa á mọ́ díẹ̀, ó ń gé etí yẹn kúrò. Bí lẹ́ńsì bá bẹ̀rẹ̀ ní f/2.8, ibi tó ti mú jù lọ sábà máa ń wà láàárín f/5.6 sí f/8. Ojú ìwé tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò tún béèrè ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀: àwọn ère ibẹ̀ yọ síta gan-an. Níbẹ̀, mo lè lọ sí f/11 kí orí ère àti ẹ̀yìn pákó lè hàn pọ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, mo lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, mo gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo sì yà á láti f/2.8 dé f/22 láìfọwọ́ kan ibi tí mo fojú rẹ̀ sí. Ní f/2.8, igun nìkan ló rọ̀. Ní f/22, àárín àti igun rọ̀ bákan náà, bẹ́ẹ̀ lẹ sì ṣe ń dá a mọ̀. Ká ní ọwọ́ ló gbọ̀n ni, lẹ́tà ì bá nà sápá kan. Kọ̀ǹpútà lè mú etí lẹ́tà dúdú sí i, mo gbìyànjú ẹ̀, àmọ́ ẹyọ tó wà lábẹ́ "o" kò jáde.

Fọ́tò tí mo yà nínú ìwé yẹn jẹ́ mọ́kànlélógójì, f/22 ni gbogbo wọn. Mo ti kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ṣílè mẹ́wàá náà pé: "oko tàbí ọkọ̀, a kò lè kà á."