Ọjà Tà Sí I, Èrè Dín Kù: Ọ̀nà Ìṣirò Méjì àti Ọjà Tó Kù Nílẹ̀

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ta páálí 800 ní oṣù kìíní, ó sì ta 1,200 ní oṣù kejì. Iye tó ń ta páálí kọ̀ọ̀kan kò yí padà. Owó tó ń ná lórí rẹ̀ kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé àti owó oṣù àwọn alábòójútó wà bó ṣe wà. Síbẹ̀, ìwé ìṣirò kan ní èrè oṣù kejì kéré sí ti oṣù kìíní. Ohun tí mo ń jà fún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kò sí àṣìṣe nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi òun nìkan díwọ̀n iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ṣe lóṣù kan.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1936, Jonathan Harris, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí irú ìṣòro yìí gan-an sínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò iye owó ilẹ̀ wọn: ọjà tà sí i, èrè sì lọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan tú u wò, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò ICAN yóò mọ̀ dáadáa.

Páálí ọṣẹ kan ń tà ní ₦5,000. Àdín, kọ́sítíìkì sódà, páálí fúnra rẹ̀ àti owó iṣẹ́ àwọn tí ń gba owó lórí iye tí wọ́n bá ṣe, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,000 lórí páálí kan; èyí ni owó ayípadà, nítorí bí a bá ṣe púpọ̀ ló ń pọ̀. Owó àìyípadà ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ jẹ́ ₦1,200,000 lóṣù, ti ọ́fíìsì àti títà sì jẹ́ ₦400,000. Páálí 1,000 ni wọ́n sábà máa ń ṣe lóṣù. Kò sí ọjà kankan nílẹ̀ nígbà tí oṣù kìíní bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe 1,200 ní oṣù kìíní, wọ́n ta 800; wọ́n ṣe 800 ní oṣù kejì, wọ́n ta 1,200. Páálí 400 ló kù ní ìparí oṣù kìíní, kò sì sí ẹyọ kan tó kù ní ìparí oṣù kejì.

Ìṣirò májínà kì í fi owó àìyípadà kún iye ọjà. Bí oṣù bá ti parí, owó àìyípadà oṣù yẹn ti di ìnáwó. Nítorí náà, páálí kọ̀ọ̀kan tí a bá tà ń mú ₦2,000 wá láti fi gbé owó àìyípadà. Ní oṣù kìíní, páálí 800 mú ₦1,600,000 wá, owó àìyípadà lápapọ̀ náà sì jẹ́ ₦1,600,000: kò sí èrè, kò sí àdánù. Ní oṣù kejì, páálí 1,200 mú ₦2,400,000 wá, èrè sì jẹ́ ₦800,000.

Ìṣirò àbúsọ́pṣọ̀n ń ṣe é lọ́nà mìíràn. Ó pín ₦1,200,000 sí ara páálí 1,000 tí wọ́n sábà ń ṣe, kí kálukú gbé ₦1,200. Iye páálí kan wá di ₦4,200, èrè orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦800. Páálí 800 tí wọ́n tà ní oṣù kìíní mú ₦640,000 wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ju iye tí wọ́n sábà ń ṣe lọ ní 200, tí ó túmọ̀ sí pé ọjà ti gbé ₦240,000 ju owó tí wọ́n ná gan-an lọ. A gbọ́dọ̀ dá a padà sínú èrè. Nígbà tí a bá yọ ₦400,000 ti ọ́fíìsì àti títà, èrè jẹ́ ₦480,000. Ní oṣù kejì, èrè orí páálí 1,200 jẹ́ ₦960,000, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe 200 dín sí iye tí wọ́n sábà ń ṣe, nítorí náà ₦240,000 kò rí ọjà tí yóò gbé e. Yọ ọ́, yọ ₦400,000, ó ku ₦320,000.

Oṣù méjèèjì papọ̀ jẹ́ ₦800,000 lọ́nà méjèèjì. Ìyàtọ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦480,000, èyí tí í ṣe páálí 400 ní ₦1,200. Owó yìí kò ti ọwọ́ oníbàárà kankan wá. Owó ilé àti owó oṣù oṣù kìíní ni, tó wọ inú ọṣẹ tó kù nílẹ̀ lọ sínú oṣù kejì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń fi gbogbo ọjà tó wà nílẹ̀ ní ìparí sọ ₦1,200 di púpọ̀. Bí ọjà ṣe pọ̀ tàbí dín láàárín oṣù ni a ń wò. Bí páálí 400 bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí 400 sì tún wà ní ìparí, tí owó orí páálí kan kò sì yí padà, èrè méjèèjì á dọ́gba. Àwọn mìíràn gbàgbé ₦240,000 àtúnṣe yẹn, tàbí kí wọ́n ti owó títà wọ inú iye ọjà. Bí ìyàtọ̀ tí o rí kò bá bá ₦1,200 tí a fi páálí tó pọ̀ sí i tàbí tó dín kù sọ di púpọ̀ mu, padà wá àwọn àṣìṣe yìí.

Ohun tó burú jù wà nínú ohun tí ìṣirò yìí ń mú ọ̀gá ilé iṣẹ́ ṣe. Ká ní ó ń gba owó ẹ̀bùn lórí èrè oṣù, tó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe 1,400 ní oṣù kìíní dípò 1,200, láìsí ẹni tí yóò ra àlékún náà. Páálí 800 náà ni wọ́n tà. Èrè àbúsọ́pṣọ̀n fò láti ₦480,000 dé ₦720,000, nígbà tí ₦600,000 owó ayípadà ti jáde lápò ilé iṣẹ́. Èrè májínà dúró sí òfo, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ.

Ìlànà àgbáyé IAS 2, tí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lórí pàṣípààrọ̀ ìpín ìdókòwò ní Nàìjíríà ń tẹ̀ lé láti ọdún 2012, kò gba ìṣirò májínà fún ìwé tí a ń gbé síta: ọjà gbọ́dọ̀ gbé ìpín tirẹ̀ nínú owó àìyípadà ti ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní bí iye tí a ṣe bá ga lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, kí a dín ìpín orí ẹyọ kan kù, kí ọjà má bàa níye ju ohun tí a ná lọ. Bí a bá ka 1,200 sí irú bẹ́ẹ̀, ₦1,000 ni páálí kan máa gbé ní oṣù kìíní, èrè á sì jẹ́ ₦400,000 ní oṣù kìíní àti ₦400,000 ní oṣù kejì. Ìlànà náà dín àsọdùn kù, ṣùgbọ́n kò mú un kúrò: títà lọ sókè ní ìdajì, èrè sì dúró lójú kan. Ta ló sì máa sọ pé 1,200 ga lọ́nà àrà ọ̀tọ̀? Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń pinnu, kí ayẹ̀wéwò tó dé.

Àtakò kan wà tó lágbára. Ilé iṣẹ́ tó ń kó ọjà jọ de àsìkò Kérésìmesì kò ṣe ohun tó burú nígbà tó ń ṣe ju ohun tó ń tà lọ. Lójú ìṣirò májínà, àwọn oṣù ìkójọ á dà bí oṣù òfo tàbí àdánù, oṣù Kérésìmesì á sì gba gbogbo ògo. Ẹni tó bá ń fi ₦3,000 nìkan dá iye owó ọjà náà lè tà á ní iye tí kò ní san owó ilé. Mo gba èyí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi sọ pé kí a sun ìṣirò àbúsọ́pṣọ̀n.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ìròyìn oṣù tí ọ̀gá ń kà bẹ̀rẹ̀ láti èrè májínà, kí ìlà kan tẹ̀ lé e tí yóò sọ pé ₦480,000 owó àìyípadà wà nínú páálí 400 tó kù nílẹ̀, kí èrè àbúsọ́pṣọ̀n tó wá jáde. Ìlà yẹn ló máa jẹ́ kí ẹni tó ń kà á béèrè ta ló ti béèrè fún páálí 400 náà, àti oṣù wo ni yóò kúrò nílẹ̀.