Iná Pọ̀ Jù Nígbà Tí Iná Kò Sí

Nínú ìwé kékeré kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì lédè Yorùbá, mo ka gbólóhùn kan tó ní, nígbà tí akónájọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba iná, kò sí iná nínú rẹ̀, nítorí náà ni iná fi pọ̀ jù lọ. Mo tún un kà. Ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì purọ́ kankan. Ọ̀rọ̀ náà, iná, ló dà á.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká jẹ́ kí àwọn tí kò ní wàhálà kọjá lọ. Bátìrì, wáyà àti súìṣì ti di tiwa. Rẹsísítọ̀ náà, kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fẹ́ ká máa pè é ní adíná, torí pé ó ń dín iná kù, ṣùgbọ́n bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, adíná ti di adínà, bẹ́ẹ̀ rẹsísítọ̀ kì í dínà. Ó ń jẹ́ kí iná kọjá, ó kàn ń ni ín lára ni.

Akónájọ gan-an ni n kò lè jẹ́ kó kọjá wẹ́rẹ́. Ẹ wo inú nǹkan náà: pánẹ́ẹ̀lì irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni, ohun tí iná kò lè gbà kọjá sì wà láàárín wọn. Nígbà tí a bá so ó mọ́ bátìrì, iye iná tó wọ ọ̀kan ni iye tó jáde lára èkejì. Ohunkóhun kò gba àárín kọjá, àpapọ̀ iye tó wà nínú rẹ̀ kò sì lé sí i. Ìkójọ wo nìyẹn? Ìpínyà ni. Bó bá jẹ́ ti Yorùbá pọ́ńbélé la fẹ́, apínyà sàn ju akónájọ lọ fíìfíì. Àwọn Òyìnbó náà ṣìnà níbẹ̀ rí: Fólítà ará Ítálì ló fún un lórúkọ tó túmọ̀ sí afúnnipọ̀, lọ́dún 1782, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì lò ó títí kí wọ́n tó yí i padà sí kapásítọ̀. Àwọn tó ń tún fáànù ṣe ládùúgbò wa ti ń sọ kapásítọ̀ tipẹ́. Tiwọn ni mo gbà.

Ó wá ku iná. Lẹ́nu wa, iná ni èyí tó ń jó, iná ni èyí tó ń tàn, iná ni ti inú wáyà. Bí a bá ní iná kéré, ó lè jẹ́ pé ohun tó ń ti iná kò lágbára tó, ó sì lè jẹ́ pé èyí tó ń ṣàn ni kò pọ̀. Nínú ilé, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, torí pé méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀. Lára kapásítọ̀ tó ń kún, òdìkejì ara wọn ni wọ́n ń ṣe. Bí a bá fi bátìrì fólítì 9, rẹsísítọ̀ 100 kΩ àti kapásítọ̀ 100 µF ṣe sákíìtì kan, ní kété tí a tẹ súìṣì, fólítì orí kapásítọ̀ jẹ́ òdo, èyí tó ń ṣàn sì wà ní góńgó rẹ̀, nǹkan bí 90 µA. Bí fólítì ti ń gòkè ni ìṣàn ń rẹlẹ̀, torí pé ohun tó ń ti iná la inú rẹsísítọ̀ kọjá kò ju ìyàtọ̀ àárín fólítì bátìrì àti ti kapásítọ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ń dín kù, ìṣàn náà ń dín kù, kíkún sì ń falẹ̀ sí i. Nítorí náà, ìṣàn fún èyí tó ń lọ, fólítì fún èyí tó ń tì í. Mo mọ̀ pé ẹnìkan dábàá ìtì dípò fólítì. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọmọ kíláàsì máa kọ́kọ́ rí.

Ibi tí ìjà pọ̀ sí jù ni orúkọ iye tí a ń rí nígbà tí a bá sọ R àti C di púpọ̀. Sákíìtì tiwa yìí fún wa ní 100 000 × 0.0001, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 10. Ìwé yẹn pè é ní àkókò àìyípadà. Kí ni kì í yí padà níbẹ̀? Bí o bá pààrọ̀ rẹsísítọ̀, ó yí padà. Kapásítọ̀ tí wọ́n kọ 100 µF sí lára pàápàá lè jẹ́ 80 tàbí 120, tí àkókò náà á fi jẹ́ 8 tàbí 12. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ yóò sì rò pé àkókò tí kapásítọ̀ fi ń kún ni, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kì í yí padà ni ìpín. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 10 tó bá kọjá, àṣẹ́kù tó yẹ kí kapásítọ̀ ṣì gùn á bọ́ sí 0.368 iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bó ti wù kí ọ̀nà tó kù gùn tó, ìpín kan náà ni yóò rìn nínú rẹ̀. Ìṣísẹ̀ ni mo fẹ́ ká máa pè é, torí pé ìṣísẹ̀ ṣeé kà, ó sì bá kíkún àti fífà mu bákan náà. Orí àṣẹ́kù ni ìṣirò náà dúró sí:

```
V(t) = V0 × (1 − e^(−t/RC))
```

Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan, àṣẹ́kù jẹ́ 9 × 0.368, ìyẹn 3.31, nítorí náà fólítì ti dé 5.69. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì, ó ti di 7.78. Bí wọ́n bá béèrè ti ìṣẹ́jú àáyá 15, ìṣísẹ̀ kan àbọ̀ ni: e^(−1.5) jẹ́ 0.223, àṣẹ́kù jẹ́ 2.01, fólítì jẹ́ 6.99. Ní ìṣísẹ̀ márùn-ún, ó ti wọ 8.94, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣẹ́ ti máa ń sọ pé ó kún.

Kíkún fúnra rẹ̀ ní ewu tirẹ̀, torí pé ó ń mú ká rò pé bátìrì nìkan ló ń pinnu ibi tí fólítì máa dúró sí. Fi rẹsísítọ̀ 1 MΩ àti kapásítọ̀ 10 µF rọ́pò àwọn ti ìṣáájú. Ìṣísẹ̀ ṣì jẹ́ 10. So mítà tí rẹsísítánsì inú rẹ̀ jẹ́ 10 MΩ mọ́ kapásítọ̀ náà, kí o sì dúró dáadáa: 8.18 ni yóò fi hàn, kò ní kọjá ibẹ̀. Mítà náà ń fa ìṣàn díẹ̀, ìṣàn yẹn ò sì lè ṣàì gba inú rẹsísítọ̀, ibẹ̀ ni fólítì tó kù ti ṣòfò. Ìṣísẹ̀ pàápàá ti dín sí 9.09. Pẹ̀lú 100 kΩ ti àkọ́kọ́, 8.91 ni ìwọ ì bá rí, kò sì sẹ́ni tó máa bìkítà. Nítorí náà, góńgó ni mo ń pe ibi tí fólítì ń lọ, n kì í sọ pé kapásítọ̀ kún. Ọmọ tó kọ́ pé ó ti kún yóò lọ ra bátìrì tuntun. Ẹni tó kọ́ góńgó yóò yọ mítà, yóò dúró fún bí ìṣẹ́jú kan, yóò tún fi kàn án lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì rí i pé nǹkan bíi 9 ni ó kọ́kọ́ jáde, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ padà sí 8.18.