Kíkọ Ìkéde Ilẹ̀ Títà àti Ilé Yíyá ní Ìpínlẹ̀ Èkó: Ibi Tí Ó Wà, Ìwé Rẹ̀ àti Bí A Ó Ṣe San Owó Rẹ̀

Ìkéde ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí tí ó ń wá ilé máa ń rí, kí ó tó rí onílẹ̀ tàbí onílé fúnra rẹ̀. Bí ìkéde bá ṣókùnkùn, owó lè ti jáde lọ́wọ́ olùrà kí ó tó mọ̀ pé ilẹ̀ ìjọba ni wọ́n tà fún òun, tàbí pé ẹbí onílẹ̀ kò mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Ìlànà kan ṣoṣo ni ó wà nídìí ìkéde tí ó dára: ohunkóhun tí a bá kọ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò kí ó tó san owó.

Ẹ jẹ́ kí á mú irú ìkéde kan tí ó wọ́pọ̀ yẹ̀ wò: "Ilẹ̀ gidi ní Ìkòròdú, pulọ́ọ̀tì kan, ìwé rẹ̀ pé, kò jìnnà sí títì, owó pọ́ọ́kú, ẹ tètè pè." Kò sí irọ́ kan pàtó nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan níbẹ̀ tí a lè yẹ̀ wò. A ó tún un kọ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí ilẹ̀ wà àti ìwọ̀n rẹ̀

"Ìkòròdú" nìkan kò tó, nítorí pé ìlú àti abúlé tí ó wà lábẹ́ orúkọ náà pọ̀. Ẹni tí ó ń kọ ìkéde ní láti dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀, ìlú tàbí abúlé, àdúgbò, àti òpópónà bí ó bá ní orúkọ. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ iye kìlómítà láti ilẹ̀ náà dé ibì kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀. "Ìṣẹ́jú márùn-ún sí títì" kì í ṣe ìwọ̀n, nítorí pé ẹni tí ó wà lórí ọ̀kadà àti ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn kò lè lo ìṣẹ́jú kan náà. Kí ó sọ pẹ̀lú bóyá ilẹ̀ gbígbẹ ni tàbí àbàtà, àti bóyá ọkọ̀ lè dé ibẹ̀ nígbà òjò.

"Pulọ́ọ̀tì kan" náà kì í ṣe ìwọ̀n. Nílùú Èkó, pulọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 669. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń ta ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, tí kò ju nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 465 lọ, wọ́n sì ń pe òun náà ní pulọ́ọ̀tì kan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì ju mítà onígun mẹ́rin 200 lọ, ó sì tó láti gba ilé kékeré kan. Nítorí náà, mítà onígun mẹ́rin ni kí á kọ.

Ìwé ilẹ̀

Gbólóhùn tí ó ń fa wàhálà jù ni "ìwé rẹ̀ pé." Oríṣiríṣi ìwé ni ó wà, iṣẹ́ wọn kò sì rí bákan náà. Kí ìkéde dárúkọ èyí tí ó wà nílẹ̀ gan-an, kí ó sì sọ èyí tí kò tíì sí.

Ìwé sọ́fè, tí awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ yà, ń fi ibi tí ilẹ̀ wà àti ìwọ̀n rẹ̀ hàn. Kò fi hàn pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ni ó ni ilẹ̀. Rìsíìtì ń fi hàn pé owó kọjá láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àdéhùn tí a fi gbé ilẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́ ni ó ń sọ bí ẹ̀tọ́ ṣe kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó tà á. Gàsẹ́ẹ̀tì ni ìwé ìjọba tí a fi kéde ilẹ̀ tí ìjọba yọ sílẹ̀ fún ìlú tàbí ẹbí kan. Ìwé-ẹ̀rí tí Gómìnà ń fúnni, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sí-ọ́fù-Ó, ni ó ń fi ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978. Òfin yìí kan náà ni ó sọ pé ẹni tí ó ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé e fún ẹlòmíràn láìgba ìfọwọ́sí Gómìnà. Nítorí náà, bí Sí-ọ́fù-Ó bá wà lórúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ilẹ̀, kí ìkéde sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì sọ ẹni tí yóò san owó ìfọwọ́sí náà.

Ilẹ̀ kan lè wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba kí wọ́n ṣì máa tà á. Bí ìjọba bá ti yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ pàtó, bí ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn, kò sí ìwé ẹbí tí ó lè gba olùrà sílẹ̀, wọ́n sì lè wó ilé tí ó bá kọ́ síbẹ̀. Bí kò bá sí iṣẹ́ pàtó tí a yà á sọ́tọ̀ fún, ìjọba lè gbà kí olùrà wá tọ ìwé rẹ̀ sọ́nà. Ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà Awọnlẹ̀ ní Aláùsá, Ìkẹjà, ni a ti ń mọ ìyàtọ̀ yìí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí nọ́ńbà ìwé sọ́fè àti orúkọ awọnlẹ̀ wà nínú ìkéde.

Kí olùrà má ṣe gbé ìwé tí wọ́n fún un lọ síbẹ̀ lásán. Àwọn oníjìbìtì máa ń fi sọ́fè ilẹ̀ tí kò ní àbùkù han ènìyàn, kí wọ́n sì mú un lọ wo ilẹ̀ mìíràn. Kí awọnlẹ̀ tí olùrà fúnra rẹ̀ yàn lọ sórí ilẹ̀, kí ó fi ẹ̀rọ ka àmì igun rẹ̀, kí ó sì fi wé èyí tí ó wà nínú ìwé. Bí wọn kò bá dọ́gba, ìwé yẹn kì í ṣe ti ilẹ̀ yẹn.

Ẹni tí ó ń tà á

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí ìkéde dárúkọ ẹbí náà, kí ó sì sọ àwọn tí yóò fọwọ́ sí ìwé. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ ń tẹ̀ lé, bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí nínú rẹ̀, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìsí àwọn àgbà ìdílé tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ sí i, àwọn ìyẹn lè mú kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Gbólóhùn bí "olórí ẹbí àti aṣojú ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò fọwọ́ sí i" wúlò fún olùrà ju ọ̀rọ̀ ìyìn èyíkéyìí lọ. Bí ẹjọ́ bá sì wà nílé-ẹjọ́ lórí ilẹ̀ náà, kí a sọ ọ́.

Bí a ó ṣe san owó

Kí iye owó ilẹ̀ dá dúró, kí owó sọ́fè àti owó ìwé àdéhùn sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá gba sísan díẹ̀díẹ̀, kí a kọ iye àkọ́san, iye oṣù, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí olùrà bá pẹ́ san, àti ìgbà tí ìwé àti ilẹ̀ yóò bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ olùrà ni àwọn ọmọ onílẹ̀ tún máa ń yọ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ tàbí kan òrùlé. Òfin Ìdáàbòbò Dúkìá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 2016, kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti béèrè irú owó bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ìkéde tí ó bá sọ pé "owó ìpìlẹ̀ wà lọ́tọ̀" ti fi hàn pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò náání òfin náà.

Ìkéde náà lẹ́yìn àtúnkọ

Àpẹẹrẹ lásán ni èyí:

"Ilẹ̀ títà ní Ìmọ́tà, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkòròdú. Ó wà ní kìlómítà 2 sí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, ọkọ̀ ń dé ibẹ̀ nígbà òjò. Ìwọ̀n: mítà onígun mẹ́rin 465. Ìwé tí ó wà: gàsẹ́ẹ̀tì ìlú, ìwé sọ́fè (nọ́ńbà rẹ̀ àti orúkọ awọnlẹ̀ nìyí). Kò tíì ní Sí-ọ́fù-Ó. Ilẹ̀ ẹbí ni (orúkọ ẹbí nìyí). Olórí ẹbí àti aṣojú ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò fọwọ́ sí i. Kò sí ẹjọ́ lórí rẹ̀. Owó ilẹ̀: ₦4,000,000. Ìwé àdéhùn: ₦200,000. A gba ìdajì owó ilẹ̀ lọ́jọ́ àdéhùn, ìyókù láàrin oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí owó bá pé ni ìwé àti ilẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ olùrà. A kò gba owó kankan kí olùrà tó parí àyẹ̀wò rẹ̀."

Ti ilé yíyá

Nínú ìkéde ilé yíyá, owó ni ó sábà máa ń fara pamọ́. Onílé lè kọ ₦800,000 fún ọdún kan, kí ayálégbé sì dé ibẹ̀ kí ó tó gbọ́ nípa ìyókù. Bí owó alágbàtà bá jẹ́ ₦80,000, owó ìwé àdéhùn ₦80,000, owó ìdúró fún ìbàjẹ́ ₦100,000, owó ìtọ́jú ọgbà sì jẹ́ ₦120,000, àpapọ̀ ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ₦1,180,000. Ní ọdún kejì, bí owó ilé kò bá yí padà, ₦920,000 ni yóò san, nítorí pé owó ilé àti owó ìtọ́jú ọgbà nìkan ni ó ń padà wá. Àpapọ̀ méjèèjì ni kí ìkéde gbé jáde, kí ó sì sọ ìgbà tí a ó dá owó ìdúró padà. Kí ó sọ pẹ̀lú bóyá mítà iná dá wà fún ilé náà, tàbí gbogbo ayálégbé ni ó jọ ń lo ẹyọ kan.

Òfin Ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 2011, kọ̀ fún onílé láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì kọ̀ fún ayálégbé náà láti san án. Ó pa á láṣẹ kí onílé fúnni ní rìsíìtì owó ilé. Ó ní kí rìsíìtì owó ìtọ́jú dá wà, kí ayálégbé sì máa gba ìṣirò bí wọ́n ṣe ná an ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Òfin yìí kò kan Àpápá, Ìkòyí, Fikitóríà Áílándì àti agbègbè Jí-Ará-Éè ní Ìkẹjà. Nítorí náà, ẹni tí ilé rẹ̀ wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ iye ọdún tí ó ń béèrè kedere.

Kí olùrà tàbí ayálégbé tọ́jú ẹ̀dà ìkéde náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́jọ́ tí ó kà á, kí ó sì fi gbólóhùn rẹ̀ wé ìwé àdéhùn kí ó tó fọwọ́ sí i. Ìwọ̀n, orúkọ ẹbí, irú ìwé àti iye owó gbọ́dọ̀ bára mu nínú méjèèjì. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, kí ó béèrè ìdí rẹ̀, kí owó sì dúró títí ìdáhùn yóò fi dé ní kíkọ sílẹ̀.